Ìwé tí a pín ní ojúlé mẹ́fà: bí ìyá wa ṣe yí àkáǹtì owó ilé padà

Ilé ìyá wa wà ní Mólípà, ní Ìjẹ̀bú-Òdè. Ojúlé mẹ́fà ni, mẹ́ta nísàlẹ̀, mẹ́ta lókè, ayálégbé sì wà nínú gbogbo rẹ̀. Ìyá fúnra wọn ń gbé ní ilé bàbá wa àtijọ́, kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ tí a bá fẹsẹ̀ rìn ín. Èmi ni mo ń bá wọn kọ risíìtì, èmi ni mo sì ń tọ́jú ìwé owó ilé. Lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, àwọn onílé mélòó kan ládùúgbò ti wá béèrè ìwé tí a pín fún àwọn ayálégbé wa pé kí n jẹ́ kí àwọn náà kọ irú rẹ̀. Mo fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó kàn gba ìwé náà kò lè mọ ìdí tí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan fi wà níbẹ̀, ìdí yẹn gan-an ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀.

Ọjọ́ Ojúde Ọba ló bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni a máa ń ṣe é, lọ́dún náà ó bọ́ sí ọjọ́ Àìkú. Ìyá bá rẹgbẹ́rẹgbẹ́ wọn jáde nínú aṣọ òkè, wọ́n ki fóònù bọ ìdí ìró nítorí pé báàgì ọwọ́ wọn kò gbà á pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa wá ọkọ̀ tí yóò gbé wọn padà sílé, fóònù ti lọ. A pè é láti ọwọ́ ọ̀rẹ́ wọn kan, ó dún, ẹnikẹ́ni kò gbé e. A tún pè é, wọ́n pa á. Nǹkan bí aago méje alẹ́ ni mo pe báńkì pé kí wọ́n ti àkáǹtì pa, wọ́n sì tì í lójú ẹsẹ̀. Mo mí kanlẹ̀. Mo rò pé a ti borí ẹ̀, nítorí owó ni mo rò pé olè ń wá, owó sì ti wà lábẹ́ àgádágodo.

Ohun tí n kò rò ni pé fóònù Ìyá kò ní ọ̀rọ̀ aṣínà kankan. Ẹni tó bá ti gbé e, ó ti wọlé. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí àwọn ayálégbé bá Ìyá sọ lórí Wásáàpù wà níbẹ̀: ẹni tí owó rẹ̀ pé lóṣù yẹn, ẹni tó bẹ̀bẹ̀ pé òun máa san ìyókù lẹ́yìn Iléyá, iye tó kù lọ́rùn oníkálukú. Olè náà kò níṣẹ́ méjì ju pé kó kà á lọ.

Láago mẹ́sàn-án alẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ kan náà dé ọ̀dọ̀ mẹ́rin nínú àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Mo ní ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́. Ó kí wọn kú ilé, ó ní òun ti kúrò ní báńkì àtijọ́, ó ní àkáǹtì ọmọ òun ni kí wọ́n san owó ilé sí báyìí, ó sì kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀. Gbólóhùn tó kẹ́yìn ni mo máa ń fi han àwọn èèyàn: “Mo wà lọ́dọ̀ dókítà, ẹ má pè mí, ẹ fi risíìtì ránṣẹ́ síbí.” Gbogbo iṣẹ́ olè náà wà nínú “ẹ má pè mí” yẹn. Ó mọ̀ pé bí wọ́n bá lè gbọ́ ohùn Ìyá, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́.

Ọmọ tó ń kàwé ní Ìjagun, tó wà nínú yàrá kan ṣoṣo nísàlẹ̀, ló san. Ọgọ́sàn-án ẹgbẹ̀rún náírà, ₦180,000, ni owó ilé rẹ̀ lọ́dún, ó ku ₦120,000 lọ́rùn rẹ̀, ojú sì ti ń tì í nítorí pé ọjọ́ ti kọjá. Ó fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ láago mẹ́sàn-án kọjá ogójì ìṣẹ́jú. Mo bi í lẹ́yìn náà bóyá orúkọ jáde lójú fóònù kó tó tẹ̀ ẹ́. Ó ní orúkọ jáde, orúkọ ọkùnrin kan tí òun kò mọ̀ rí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti sọ pé ọmọ Ìyá ni, òun kò sì mọ gbogbo ọmọ Ìyá. N kò bá a wí. Olè náà ti mọ̀ pé orúkọ àjèjì yóò jáde, ó sì ti wá àlàyé rẹ̀ sílẹ̀ kí orúkọ náà tó jáde.

Tíṣà tó ń gbé lókè gba ọ̀rọ̀ kan náà. Ó pe Ìyá, ó dún, wọ́n gé e. Ó pè lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n kọ̀wé sí i pé dókítà wà lórí òun. Òun ló sọ ohun kan fún mi tí n kò jẹ́ kíyè sí. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, láti ọdún mẹ́rin tí mo ti ń gbébẹ̀, Ìyá kò kọ̀wé sí mi rí. Ohùn ni wọ́n máa ń fi ránṣẹ́.” Òótọ́ ni, Ìyá kì í tẹ nǹkan kan lórí fóònù, wọ́n á di bọ́tìnì ohùn mú ni, wọ́n á sọ̀rọ̀, wọ́n á tún súre gùn ún. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ Ajé, Tíṣà fẹsẹ̀ rìn wá bá Ìyá nílé, ó bá wọn lórí ẹní, wọ́n ń jẹ ìkókoré. Ibẹ̀ ni àṣírí ti tú.

Kíákíá la pe ilé iṣẹ́ síìmù, wọ́n ti nọ́ńbà pa láago mọ́kànlá. Mo tún rò pé ó parí. Láago méjì ọ̀sán, ọ̀rọ̀ mìíràn wọlé sórí fóònù aláṣọ tó wà ní ojúlé kejì, láti orí Wásáàpù Ìyá, pé ṣé wọn kò tíì rí owó ṣètò ni. Ẹ̀rù bà mí gidi nígbà tó fi hàn mí. Ohun tó yẹ kí n ti mọ̀ ni pé Wásáàpù kì í kú nítorí pé a ti síìmù pa. Nígbà tí wọ́n bá ti ṣí i sórí fóònù kan, ẹni tó ni fóònù náà lọ́wọ́ lè máa lò ó lọ, kó sá ti rí Íńtánẹ́ẹ̀tì. Ohun tó ń lé e jáde ni pé kí ẹni tó ni nọ́ńbà ṣí Wásáàpù náà sórí fóònù mìíràn, kí nọ́ńbà mẹ́fà tí wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ dé sórí síìmù rẹ̀, kó sì tẹ̀ ẹ́ sí i. Láìsí síìmù lọ́wọ́ wa, a ò lè ṣe é. Ọjọ́ Ajé náà ṣì jẹ́ ìsinmi Iléyá, ọ́fíìsì kò ṣí. Ohun tí mo ṣe ni pé mo kan ilẹ̀kùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pé ohunkóhun tó bá wọlé lórúkọ Ìyá, kì í ṣe Ìyá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun la lọ ṣe wẹ́kọ́ọ̀mù báàkì. Ìyá mú ìwé NIN wọn dání, wọ́n ní kí wọ́n tẹ ìka. Ẹ̀rọ kò mú un. Ọdún tí Ìyá fi din gàrí pọ̀, ìka wọn ti dán bí ẹ̀yìn ṣíbí. Ọmọbìnrin tó wà ní káńtà fi aṣọ tútù nù ún, ó gbìyànjú àtàǹpàkò, ó gbìyànjú ọwọ́ òsì, ìka kẹrin ọwọ́ òsì ló wá wọlé. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni síìmù tuntun ṣiṣẹ́. Mo fi sínú fóònù mi, mo ṣí Wásáàpù Ìyá, nọ́ńbà mẹ́fà dé, mo tẹ̀ ẹ́, olè náà sì bọ́ síta. Ìyá ní àwọn kò fẹ́ ẹ mọ́, nítorí náà mo pa àkáǹtì Wásáàpù náà rẹ́ pátápátá, mo yọ síìmù, mo fi sínú fóònù kékeré alátẹ̀ tó ní tọ́ọ̀ṣì, èyí tí kò lè wọ Íńtánẹ́ẹ̀tì. (Bí olè bá ti fi nọ́ńbà aṣínà tirẹ̀ sí Wásáàpù ẹlòmíràn, nọ́ńbà mẹ́fà náà ṣì máa lé e jáde, ṣùgbọ́n oníǹkan lè ní láti dúró fún ọjọ́ méje kó tó lè wọlé láìmọ aṣínà náà. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀.)

Ti owó akẹ́kọ̀ọ́, kò gùn. Ó lọ sí báńkì rẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan náà, ó mú nọ́ńbà tiránsífà dání, wọ́n kọ̀wé sí báńkì tó gba owó. Owó náà ti kúrò níbẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mọ́kànlá, ó ti pín sí àkáǹtì méjì mìíràn. ₦2,300 ló kù, òun ni wọ́n dì mú. Tí ó bá jẹ́ pé láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan yẹn ló ti pe báńkì, bóyá wọn ì bá ti rí nǹkan mú. A lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, a kọ ọ̀rọ̀ wa sílẹ̀. Títí di ìgbà tí mò ń kọ èyí, owó kò tíì padà.

Níbo ni àkáǹtì tuntun wá ti bá ọ̀rọ̀ yìí wọlé? Ìyá ní àwọn kò fẹ́ owó ilé nínú àkáǹtì tó so mọ́ fóònù mọ́, èyí tí ẹnikẹ́ni tó bá rí fóònù lè rí owó. A lọ ṣí òmíràn ní báńkì mìíràn, kò ní káàdì, kò ní áàpù, orí káńtà nìkan ni wọ́n ti lè gba owó jáde níbẹ̀. Àlẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń wá sórí fóònù alátẹ̀ yẹn. Ó pé ọ̀sẹ̀ méjì àtààbọ̀ lẹ́yìn Ojúde Ọba.

Ẹ wo ibi tó wá le sí. Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ẹnìkan kọ̀wé sí àwọn ayálégbé yìí lórúkọ Ìyá pé àkáǹtì ti yí padà, irọ́ ni. Ní báyìí, àwa náà fẹ́ kọ̀wé sí wọn lórúkọ Ìyá pé àkáǹtì ti yí padà, òótọ́ ni. Kí ni yóò jẹ́ kí wọ́n mọ ìyàtọ̀?

Ìwé àkọ́kọ́ tí mo kọ, mo ro pé ó dára. Orúkọ báńkì, nọ́ńbà àkáǹtì, lẹ́yìn náà ni mo kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: “Kí ẹ tó san, ẹ pe nọ́ńbà yìí láti fìdí rẹ̀ múlẹ̀,” mo sì kọ nọ́ńbà fóònù mi. Àbúrò mi obìnrin kà á, ó bi mí ní ìbéèrè kan: “Tó bá jẹ́ olè ló kọ ìwé yìí, nọ́ńbà ta ni yóò kọ síbẹ̀?” N kò rí èsì. Nọ́ńbà tirẹ̀ ni yóò kọ. Ayálégbé yóò pè é, ẹnìkan yóò gbé e, yóò ní bẹ́ẹ̀ ni, àkáǹtì wa ni. Ẹni tó pè á rò pé òun ti wádìí, bẹ́ẹ̀ olè kan náà ló tún padà bi. Láti ọjọ́ náà, mo ti ń wo gbogbo ìwé tó ní “pe nọ́ńbà yìí láti mọ òtítọ́” pẹ̀lú ojú mìíràn. Nọ́ńbà tí a fi ń wádìí ìwé kò gbọ́dọ̀ ti inú ìwé náà wá. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ayálégbé ti ní lọ́wọ́ kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ayálégbé wa ní in. Orí risíìtì tí mo kọ fún wọn lọ́dún tó ṣáájú, nọ́ńbà Ìyá wà lókè rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ilé. Risíìtì ti wà nínú dúrọ́ọ̀ wọn kí olè tó gbé fóònù Ìyá. Nọ́ńbà náà ló bọ́ sọ́wọ́ olè fún ọjọ́ díẹ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ti padà sọ́wọ́ wa báyìí, Ìyá sì wà nídìí rẹ̀. Nítorí náà, a kò kọ nọ́ńbà fóònù kankan sínú ìwé tó kẹ́yìn. Bó ṣe rí nìyí:

“Ẹ̀yin ayálégbé wa, ẹ kú ilé o.

Láti ọjọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀, àkáǹtì tuntun ni a ó máa gba owó ilé sí. Orúkọ báńkì, nọ́ńbà àkáǹtì àti orúkọ tí yóò jáde lójú fóònù yín wà nísàlẹ̀ ìwé yìí. Bí orúkọ tó jáde bá yàtọ̀ sí èyí tí a kọ, bó tilẹ̀ ṣe lẹ́tà kan, ẹ má san.

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ pe Ìyá. Nọ́ńbà wọn wà lórí risíìtì yín ti ọdún tó kọjá, a ò kọ ọ́ síbí. Ẹ̀yin ni kí ẹ pè. Bí ẹnikẹ́ni bá pè yín lórúkọ Ìyá nípa àkáǹtì, ẹ pa á, kí ẹ fúnra yín pe Ìyá padà.

Ẹ má ka nọ́ńbà àkáǹtì fún Ìyá. Ẹ jẹ́ kí Ìyá kà á fún yín, kí ẹ fi wé èyí tó wà lọ́wọ́ yín.

Àkáǹtì àtijọ́ ti parí. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú fóònù yín.

Ìyá kò sí lórí Wásáàpù mọ́. Bí àkáǹtì bá tún máa yí, ìwé ni ọmọ wọn yóò mú wá sí ẹnu ọ̀nà yín.”

Ìyá fọwọ́ sí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, èmi ni mo mú un lọ láti ojúlé dé ojúlé. A kò lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri, nítorí ohun tó wà lára ògiri, ẹnikẹ́ni lè yọ ọ́ lóru kó lẹ tirẹ̀ mọ́ ibẹ̀.

Orúkọ báńkì tí mo ní kí a kọ ní kíkún, ó nídìí. Láti ìgbà tí Báńkì Àpapọ̀ ti sọ nọ́ńbà àkáǹtì di ẹyọ mẹ́wàá ní gbogbo báńkì, ẹyọ mẹ́wàá kan náà lè wà ní báńkì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kó sì jẹ́ ti ẹni méjì tí kò mọ ara wọn. Ẹni tó bá mọ nọ́ńbà nìkan, tí kò mọ báńkì, ààbọ̀ ló mọ̀. Ohun tó kù tí yóò yọ ọ́ ni orúkọ tó jáde, orúkọ sì tún ní ìṣòro tirẹ̀. Gbogbo ayálégbé ló ń pe ìyá wa ní Àlàájà, orúkọ tí àdúgbò sì fi ń pè wọ́n kò sí nínú ìwé báńkì. Báńkì fi orúkọ ìdílé ọkọ ṣáájú, orúkọ àbísọ tẹ̀lé e, orúkọ mùsùlùmí gbẹ̀yìn. Mo ní kí ẹnìkan ní báńkì ṣe bí ẹni fẹ́ ránṣẹ́ owó sí i, mo da orúkọ náà kọ bó ṣe jáde gẹ́lẹ́. Tíṣà sọ fún mi pé bí a kò bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ni, òun ì bá rò pé olè tún ti dé.

Gbólóhùn tó ní kí Ìyá ka nọ́ńbà, àwa náà la fi ojú wa rí ìdí rẹ̀. Kí a tó pín ìwé, mo jókòó sínú yàrá, mo pe Ìyá ní pálọ̀ bí ẹni pé ayálégbé ni mí. Mo ní, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé nọ́ńbà àkáǹtì yín nìyí?” Mo sì ka ẹyọ mẹ́wàá tí mo ro nínú orí mi. Ìyá ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi, Ọlọ́run á fi sọ́wọ́ rẹ.” Wọn kò tilẹ̀ wo ibì kankan. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni wọ́n, ayálégbé pè wọ́n nípa owó, inú wọn dùn, wọ́n ṣàmín. Bí ayálégbé bá ka nọ́ńbà olè fún wọn, wọn yóò súre fún un kan náà. A wá yí i padà: Ìyá ni kó ka nọ́ńbà síta, ẹni tó pè ni kó fetí sí i. Mo fi máákà dúdú kọ ẹyọ mẹ́wàá náà sára páálí, gàgàrà, mẹ́ta, mẹ́ta, mẹ́rin, mo gbé e kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àga tí wọ́n máa ń jókòó sí. A dán an wò lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n ka ẹyọ kan lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì tún un kà fúnra wọn láìjẹ́ pé mo sọ nǹkan kan.

Ìdí tí a fi ní kí wọ́n pa ìpè tó bá wọlé, kí wọ́n sì pè padà, ni pé nọ́ńbà tó jáde lójú fóònù nígbà tí ẹnìkan bá pe ni kì í ṣe ẹ̀rí. Àwọn kan mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà mú kí nọ́ńbà ẹlòmíràn jáde. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀yin bá tẹ nọ́ńbà Ìyá fúnra yín, síìmù tó wà lọ́wọ́ Ìyá ni yóò dún.

Tíṣà tún ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ó ní òun kọ́kọ́ fẹ́ rán ₦500 lọ, kí òun bi Ìyá iye tó wọlé. Mo gbà á láyè, ṣùgbọ́n mo sọ fún un pé ìdánwò yẹn kò tó láti dá dúró. Bó bá jẹ́ àkáǹtì olè ni, olè náà á rí àlẹ́ẹ̀tì ₦500, yóò sì dáhùn pé ₦500 ni. Gbogbo ohun tí ẹ̀rí yẹn sọ ni pé ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ ló ni àkáǹtì, kò sọ ẹni tó jẹ́. Ohùn Ìyá tí ẹ mọ̀, lórí nọ́ńbà tó ti wà lọ́wọ́ yín, ló ń sọ ìyókù. Ó rán ₦500, ó pe Ìyá, Ìyá ka àlẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì bi í pé ṣé owó ilé rẹ̀ ló ti dínkù tó bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín.

Ìkan ṣoṣo tó yọ lọ́wọ́ wa nínú gbogbo rẹ̀, ọ̀dọ̀ ayálégbé tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó ló ti wá. Ìyàwó rẹ̀ ló gba ìwé lẹ́nu ọ̀nà, ó kà á, ó ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Ọkùnrin náà sì ti fi orúkọ Ìyá pamọ́ sínú áàpù báńkì rẹ̀ láti ọdún mẹ́ta. Lọ́jọ́ tó fẹ́ san, ó kàn tẹ orúkọ náà bó ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́, ₦360,000 sì lọ sínú àkáǹtì àtijọ́. Báńkì ti tì í pa, àmọ́ ìtìpa yẹn kò ní kí owó má wọlé, pé kó má jáde nìkan ló ń dènà. Owó náà wọlé wẹ́rẹ́. Àlẹ́ẹ̀tì dé ọ̀dọ̀ Ìyá, a rí i pé láti báńkì àtijọ́ ni. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló gbà kí Ìyá tó lọ fi NIN àti fọ́tò kún fọ́ọ̀mù, kí wọ́n ṣí i, kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ lọ sínú tuntun, kí àkáǹtì àtijọ́ wá kú pátápátá. Owó kò sọnù, ṣùgbọ́n fún ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn, ọkùnrin náà ní òun ti san, ìwé mi sì ní kò tíì san. Ohun tí mo kọ́ nínú rẹ̀ ni pé mo yẹ kí n ti fi ẹnu sọ gbólóhùn yẹn fún olúkúlùkù, kí n dúró lórí ẹnu ọ̀nà títí wọ́n á fi yọ orúkọ àtijọ́ náà níṣojú mi. “Ẹ yọ ọ́ kúrò” nínú ìwé, ojú máa ń fò ó.

Ó ku ti ọmọ Ìjagun. Èmi wí pé ó yẹ kó tún owó san, ẹni tó fún olè lówó kò tíì fún Ìyá lówó. Ìyá ní fóònù ta ni wọ́n fi tàn án? Wọ́n ní tiwọn ni, fóònù tí wọn kò ti, tí wọ́n ki bọ ìdí ìró. Wọ́n ní kó san ìdajì, ₦60,000, kó sì gba oṣù mẹ́rin láti san án. Inú mi kò dùn sí i nígbà náà. Mo ti wá rí i pé Ìyá ló rí i ju mi lọ: ọ̀rọ̀ Ìyá ló wà lórí fóònù tí olè kà, gbèsè ọmọ náà ló fi mọ iye tó máa béèrè.

Oṣù kẹta ló san gbogbo ₦60,000 lẹ́ẹ̀kan. Mo wà lọ́dọ̀ Ìyá nígbà tí ìpè rẹ̀ wọlé. Ó kí wọn, ó ní òun fẹ́ san owó, kí wọ́n jọ̀ọ́ ka nọ́ńbà. Ìyá wọ àwò, wọ́n yíjú sí páálí, wọ́n kà á, mẹ́ta, mẹ́ta, mẹ́rin. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, mo mọ̀ pé ó ń fi wé ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ka orúkọ tó jáde fún wọn, orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, lẹ́sẹẹsẹ. Ìyá ní, “Orúkọ mi nìyẹn, ọmọ mi.” Kí a tó ka ogún, fóònù alátẹ̀ dún, wọ́n nà án sí mi kí n ka iye tó wà níbẹ̀. Mo kọ risíìtì rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, mo kọ nọ́ńbà Ìyá sókè rẹ̀, mo sì rán an sí i pẹ̀lú Tíṣà lálẹ́ ọjọ́ náà.